Kí Ọjọ́ Owó Tó Pé

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó yáwó ní báńkì kékeré kan, ₦1,800,000 ló sì ṣẹ́ kù tí yóò san láàárín oṣù 12. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà méjì ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, lórí iye tó bá kù. Nǹkan bí ₦175,500 ni báńkì ń yọ lóṣooṣù. Ààrò rẹ̀ wá jóná. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àtúnṣe gbà, àwọn oníbàárà sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Èrè tó ń tó ₦260,000 lóṣù ti di ₦110,000. Ọjọ́ owó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò pa fóònù níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Ohun tó léwu jù lọ nìyẹn, nítorí báńkì ń ka ọjọ́. Lábẹ́ ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fún àwọn báńkì kékeré, gbèsè tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọjọ́ kọjá àkókò rẹ̀ ti kúrò lára gbèsè tó mọ́, báńkì sì gbọ́dọ̀ máa ya owó sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Bó bá kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọn a kà á sí owó tó ti sọnù. Máníjà tí a bá lọ bá kí ọjọ́ tó pé ṣì lè ṣe nǹkan. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹta ti sọ ọwọ́ máníjà di dídè.

Máníjà náà kì í sábà dá a pinnu. Yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú àwọn ìgbìmọ̀ tí kò mọ ìyá oníbúrẹ́dì rí. Lẹ́tà ni yóò bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyí tí ẹkún nìkan kò fi tó. Irọ́ kò sì wúlò, nítorí àkántì rẹ̀ wà níwájú wọn: wọ́n ń rí owó tó wọlé, wọ́n ń rí èyí tó jáde. Ohun tó kọ rèé:

“Ọ̀gá mi, ààrò mi jóná, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mi ò fi lè ṣe búrẹ́dì bó ṣe yẹ. Mo tún mú ₦150,000 nínú owó ọjà san owó ilé ìwé ọmọ mi. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n san èlé nìkan, ₦45,000, fún oṣù mẹ́ta, kí n sì pín ₦1,800,000 náà sí oṣù 15 lẹ́yìn náà.”

Mo fẹ́ràn gbólóhùn owó ilé ìwé yẹn gan-an. Báńkì ti rí owó náà nínú àkántì. Bó bá fi pa mọ́, wọn yóò ṣiyèméjì nípa ààrò pẹ̀lú.

Ó fi rìsíìtì ẹni tó tún ààrò ṣe sí i, àti ìwé tó fi ń kọ ọjà tó tà. Ó ṣírò ètò rẹ̀ bákan náà. Nínú èrè ₦110,000 ìsinsìnyí, ₦45,000 ṣeé san, ilé yóò sì jẹun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, owó oṣooṣù yóò di nǹkan bí ₦145,400. Kò sọ pé èrè òun yóò padà sí ₦260,000. ₦220,000 ló kọ, nítorí ilé ìwé méjì péré ló ti padà wá ra búrẹ́dì. Àsọdùn níbí ni yóò mú un padà wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀bẹ̀ kejì sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdẹ̀ra yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò san nǹkan bí ₦210,000 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ó sì yẹ kó ti sọ fún onígbọ̀wọ́ rẹ̀, torí báńkì lè ní kí ẹni náà tún fọwọ́ síwèé. Kò dáa kó jẹ́ ẹnu báńkì ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́.

Bí máníjà bá sọ pé “kò burú” lẹ́nu, kò tíì parí. Kí ó gba ìwé àdéhùn tuntun tó ní ọjọ́ àti iye oṣooṣù nínú. Bó bá ti fi sọ̀wédowó ọlọ́jọ́ iwájú sílẹ̀ nígbà tó yáwó, kí ó gbà wọ́n padà, nítorí òfin Nàìjíríà ka sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Kí ó sì wo àkántì rẹ̀ lọ́jọ́ owó tó kàn: bí ₦175,500 bá tún jáde dípò ₦45,000, wọn kò tíì yí i padà nínú kọ̀ǹpútà. Kí ó mú ìwé tuntun náà lọ́wọ́ lọ sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an.