Káàdì ọmọ mélòó ló yẹ kí wọ́n wò ní Oko Ọba?

Ká ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fẹ́ mọ iye ọmọ oṣù 12 sí 23 tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn pé ní Oko Ọba, l'Ágége. Wọn ò lè kan gbogbo ilẹ̀kùn. Àwọn kan á ní kí wọ́n kàn mú ìdá kan nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Níbi tí èrò bá pọ̀ tó Oko Ọba, iye olùgbé kọ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n máa wò.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi ara wọn ni pé, mélòó nínú 100 ló ṣeé ṣe kó ti gbà á? Bí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á fi sí 50, torí òun ló ń béèrè ọmọ tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, àṣìṣe mélòó ni wọ́n lè fara mọ́? Bó bá jẹ́ 10 sókè, 10 sísàlẹ̀, ìṣirò rẹ̀ nìyí:

1.96² × 0.5 × 0.5 ÷ 0.1² = 96

1.96 yẹn dúró fún ìdánilójú 95 nínú 100. Bí wọ́n bá ní àṣìṣe ò gbọdọ̀ ju 5 lọ, ọmọ 385 ni wọ́n máa wá. Owó ọkọ̀ nìkan á ti yí wọn lérò padà.

Ṣùgbọ́n 96 yẹn ò tíì tó. Ó máa tó bí ìwé orúkọ gbogbo ọmọ bá wà, tí wọ́n ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sírú ìwé bẹ́ẹ̀, agbo-ilé agbo-ilé ni wọ́n fi ń mú wọn. Àwọn ọmọ tó ń gbé ibì kan náà sì máa ń jọra: bí nọ́ọ̀sì bá ti débẹ̀, gbogbo wọn ti gbà á nìyẹn, bí àhesọ bá ba ìyá kan lẹ́rù, ó ti ran ará ilé. Torí náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 192. Tí wọ́n bá pín in sí ojú ibi 30, ó lé ní 6, wọ́n á mú 7. Ìyẹn ni ọmọ 210 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń yẹ àjẹsára wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbọ́n tí wọ́n ti lò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà tí wọ́n ń lé ṣànpọ̀nná lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń kó sí wàhálà ni kí wọ́n fẹ́ dín ìrìn kù. Wọ́n á ní ojú ibi 10, ọmọ 20 níbì kọ̀ọ̀kan, ṣebí 200 náà ni? Rárá o. Bí ìjọra wọn bá rí bí ti tẹ́lẹ̀, ìlọ́po méjì á di ìlọ́po mẹ́rin ó lé. Ọmọ 200 yẹn ò ní ju 48 lọ nínú ìṣirò, àṣìṣe á sì gùn dé 14. Àmì rẹ̀ á hàn nínú ìwé: ibì kan, gbogbo ọmọ ló gbà á, ibòmíì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó gbà á.

Oko Ọba lápapọ̀ sì ni 210 yẹn ń sọ̀rọ̀ fún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ẹ̀gbẹ́ odò ẹran lọ́tọ̀, ọmọ 7 ibẹ̀ ò lè sọ ọ́ fún un. Àfi kó wá 210 tiẹ̀ níbẹ̀.