Owó Pàjáwìrì Inú Ètò Ìṣúná àti Òfin Tó Ń Ṣọ́ Ọ

Owó pàjáwìrì ni iye tí a yà sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná fún ìnáwó tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀. Ó yàtọ̀ sí gbogbo orí ìnáwó yòókù. A ti mọ ohun tí owó-oṣù wà fún, a mọ ti dísù, a mọ ti ìwé àti ṣọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n owó yìí kò ní iṣẹ́ kan pàtó lọ́jọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Owó tí kò ní iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ni yóò wá iṣẹ́ fún un. Bí kò bá sí òfin tó sọ ìgbà tí wọ́n lè fọwọ́ kàn án, kò ní pẹ́ tí yóò fi tán, bẹ́ẹ̀ ni pàjáwìrì kankan kò tíì ṣẹlẹ̀.

Àpẹẹrẹ òfin bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 83 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ láṣẹ láti dá àpò owó pàjáwìrì sílẹ̀, abala 123 sì fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní irú àṣẹ kan náà. Kí Ààrẹ tàbí gómìnà tó lè yọ owó níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé ìnáwó náà jẹ́ kánjúkánjú, pé a kò rí i tẹ́lẹ̀, àti pé kò sí orí ìnáwó mìíràn tó lè gbé e. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Òfin náà kò sì dúró síbẹ̀: ó ní kí wọ́n tètè gbé àfikún ìṣúná lọ síwájú ilé aṣòfin, kí iye tí wọ́n yọ lè padà sínú àpò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka apá ìkẹyìn yìí sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí àpò náà wà láàyè fún ìṣòro kejì.

Ohun tí ìjọba fi lélẹ̀ yìí bá ètò ìṣúná kékeré mu dáadáa. Ká mú ilé-ìwé aládàáni kan tí gbogbo ìnáwó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà. Èló ló yẹ kó yà sọ́tọ̀? Ìwé ìnáwó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni yóò dáhùn. Akápò yóò lọ wo gbogbo ohun tó já lù wọ́n láìròtẹ́lẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí 700,000 náírà ní ọdún kìn-ín-ní, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ní ọdún kejì, àti 950,000 ní ọdún kẹta, àròpín rẹ̀ jẹ́ náírà 1,050,000. Nítorí pé ọjà ń gbówó lórí, wọ́n lè gbé e dé náírà 1,200,000, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìṣúná náà.

Orúkọ tí wọ́n bá kọ sí iwájú owó náà ṣe pàtàkì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ "oríṣìíríṣìí," nítorí pé orí ìnáwó oríṣìíríṣìí wà fún nǹkan wẹ́wẹ́ tí kò yẹ ní kíkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí owó ọkọ̀ àti omi àlejò. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, nǹkan wẹ́wẹ́ yóò jẹ pàjáwìrì run. Ó tún dára kí owó náà ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe tì í mọ́ ibi tí yóò gba oṣù mẹ́ta kó tó ṣeé gbà; ìjì kì í dúró de báńkì.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni pípinnu ohun tó yẹ àti ohun tí kò yẹ, kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè mẹ́ta wá síwájú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé yìí. Ní oṣù kẹta, ìjì ká páànù yàrá ìkàwé méjì lọ. Kánjúkánjú ni, nítorí òjò ti ń bọ̀, àwọn ọmọ kò sì ní ibi ìjókòó. Kò sẹ́ni tó rí i tẹ́lẹ̀. Owó àtúnṣe ilé tó wà nínú ìṣúná kò ju ti kọ́kọ́rọ́ àti fèrèsé lọ. Ó yege.

Ní oṣù karùn-ún, owó dísù gun òkè, àwọn kan sì ní kí wọ́n fi owó pàjáwìrì kún un. Ó kánjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé owó dísù lè gùn? Ó sì ní orí ìnáwó tirẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n dín wákàtí jẹnẹrétọ̀ kù, tàbí kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé kí owó kúrò ní orí ìnáwó kan bọ́ sí òmíràn. Ní oṣù kẹfà, olùdásílẹ̀ fẹ́ kun ògiri kí ayẹyẹ ìparí ọdún tó dé. Ọjọ́ ayẹyẹ ti wà lórí kàlẹ́ńdà láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Kò yege rárá, ẹni yòówù kó béèrè.

Ká padà sí ọ̀rọ̀ páànù. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ ìwé kan: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, iye tí kápíńtà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè, àti ìdí tí orí ìnáwó mìíràn kò fi lè gbé e. Páànù, pákó, ìṣó àti owó iṣẹ́ jẹ́ 640,000 náírà. Òfin wọn ní kí alága àti akápò máa fọwọ́ sí ohunkóhun tí kò tó 100,000. Tó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó láàárín wákàtí 48. Láàárín ọjọ́ méje tí iṣẹ́ bá parí, rìsíìtì gbọ́dọ̀ ti wọ fáìlì. Owó tó kù jẹ́ 560,000. Wọ́n wá yọ 320,000 kúrò nínú owó àga tuntun, nítorí pé ìyẹn lè dúró, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 320,000 yòókù yóò wá láti inú owó ilé-ìwé táàmù tó ń bọ̀.

Ìwé ìyọwó náà ló máa ń fi hàn bí òfin bá ti ń yẹ̀. Bí ìdí kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, bíi ẹ̀rọ omi tó ń bàjẹ́, kì í ṣe àìròtẹ́lẹ̀ mọ́. Kó ní orí ìnáwó tirẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Bí ìwé tí wọ́n kọ bá dé lẹ́yìn tí owó ti jáde, àṣẹ ti di àwáwí. Bí owó bá ń tán ní oṣù tó kẹ́yìn ọdún lọ́dọọdún, ẹnì kan ń ná an kó má baà ṣẹ́kù ni. Oògùn èyí ni kí òfin sọ pé ohun tó bá kù yóò wọ ọdún tuntun, kí a sì ka á mọ́ iye tí a fẹ́ yà sọ́tọ̀.

Ìgbà mìíràn ìṣòro a máa ju àpò lọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1974 fi gbèdéke sí àpò pàjáwìrì ìjọba wọn: kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ní ọdún tó ṣáájú. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, wọn kò kàn na ọwọ́ kọjá gbèdéke náà. Ilé aṣòfin ṣe òfin tuntun tó gbé e dé ìdá 50, fún ọdún ìṣúná kan ṣoṣo. Ilé-ìwé náà lè ṣe bákan náà: bí iná bá jó ilé kan gbogbo, kí ìgbìmọ̀ pe àwọn òbí, kí wọ́n tún gbogbo ìṣúná ọdún náà tò, kí àyípadà náà sì ní ọjọ́ tí yóò parí.