Oògùn atú-ẹ̀jẹ̀-dídì nínú ìkọlù ọkàn

Oògùn atú-ẹ̀jẹ̀-dídì ni ìtọ́jú ìkọlù ọkàn tí ìlà ST gbé sókè, bí a kò bá lè fi bálúùnù ṣí iṣan tó dí láàárín ìṣẹ́jú 120 lẹ́yìn àyẹ̀wò. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì sí Èkó bá máa jẹ́ kí àkókò yìí kọjá, abẹ́rẹ́ ló yẹ kó ṣáájú, láàárín wákàtí 12 tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Ẹni ọgọ́ta ọdún tó wọn kílò 65 yóò gba tẹnẹkitepilésì mílígíráàmù 35 lẹ́ẹ̀kan. A kì í fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ya sí ọpọlọ rẹ̀ rí. Bí ìlà ST kò bá rẹlẹ̀ tó ìdajì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 60 sí 90, iṣan ṣì dí; bálúùnù di dandan lójú ẹsẹ̀.