Páálí Táìlì Mélòó Ni Yàrá Yín Máa Gbà?

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wọn ilẹ̀ yàrá náà fúnra yín. Ẹ má gbé ara lé fíìtì tí bíríkìlà sọ lẹ́nu, torí tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán, yàrá á ti fún díẹ̀. Ẹsẹ̀ ògiri ni kí ẹ na tẹ́ẹ̀pù sí, ní ojú ibi mẹ́ta, kí ẹ sì mú èyí tó gùn jù. Ògiri tó gún régé látòkèdélẹ̀ ò wọ́pọ̀.

Ká ní yàrá náà gùn ní mítà 4.25, ó sì fẹ̀ ní mítà 3.6. Táìlì 40 sí 40 lẹ fẹ́ lò, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Báyìí lọ̀pọ̀ ṣe ń ṣírò rẹ̀: 4.25 × 3.6 = 15.3. Táìlì kan jẹ́ 0.4 × 0.4 = 0.16. Tí ẹ bá fi 0.16 pín 15.3, ẹ ó rí nǹkan bí 95.6, ká pè é ní táìlì 96. Bí páálí kan bá gba táìlì 12, páálí 8 géérégé nìyẹn. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní tó.

Ẹ jẹ́ ká tò ó sílẹ̀. Táìlì 9 ló máa wọ ìbú yàrá. Ní gígùn, odidi 10 á gba mítà 4, á wá ku àlàfo sẹ̀ǹtímítà 25 lẹ́bàá ògiri. Ẹ ó gé táìlì kọkànlá sí 25, èyí tó bọ́ sílẹ̀ á jẹ́ 15, kò sì lè dí àlàfo 25 míì. Nítorí náà, ìlà kọ̀ọ̀kan gba 11, ìlà 9 sì jẹ́ 99. (Ẹ má da àjákù wọ̀nyẹn nù: tí wọ́n bá gé wọn sí 10, wọ́n á tó fi lẹ ẹsẹ̀ ògiri kúkúrú kan.) Ká ní àlàfo náà ò tó 20 ni, táìlì kan ì bá tó ìlà méjì.

Lẹ́yìn 99 yìí lẹ tó máa fi ti èyí tó máa fọ́ kún un. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó, ó di 104. Páálí 8 ò gbà á, páálí 9 ni kí ẹ rà. Ẹni tí kò bá ráyè ka ìlà lè mú 96 àkọ́kọ́, kó fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e: ó di 106, páálí 9 náà ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní ìdábùú, kó kọ igun sí ògiri, ẹ fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, torí gbogbo etí ògiri ni wọ́n á ti gé e.

Ẹ rà á tán lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí kò yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá padà lọ ra mẹ́ta péré lóṣù tó ń bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ lè má bára mu. Ẹ rọra mi páálí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ti fọ́ nínú.