Ẹ̀rọ Apàlọ́ Lẹ́bàá Ibùsùn Ọmọdé: Ta Ni Yóò Jẹ́, Níbo Ni Yóò sì Dúró?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan ní Amẹ́ríkà ní kí Alexa, ẹ̀rọ agbóhùn ilé-iṣẹ́ Amazon, fún òun ní nǹkan tí òun lè dán wò. Ẹ̀rọ náà ní kó ki ṣájà fóònù bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìdajì, kó wá fi owó ẹyọ kan irin tó yọ síta. Orí ló yọ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Amazon ní àwọn ti tún un ṣe. Ẹ̀rọ yẹn kò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí ohun tó jọ ìdáhùn, ó sì kà á síta láì mọ̀ pé ọmọdé ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ti ọdún 2025 yàtọ̀, òun ló sì yẹ kó dá àwa òbí dúró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, PIRG, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ jáde lórí àwọn ohun ìṣeré ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, béárì onírun kan tó ń jẹ́ Kumma, sọ ibi tí wọ́n ti lè rí ìṣáná nínú ilé àti bí wọ́n ṣe ń ṣá a. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Ohun ìṣeré ọmọdé ni béárì yìí. Kí ló wá dé tó fi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Òkìtì ìwé tí àgbàlagbà kọ fún àgbàlagbà ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rọ̀. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń wo gbogbo ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì yan ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù lọ. Àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ kọ fún un, tó sọ irú ẹni tí yóò jẹ́ àti ohun tí kò gbọdọ̀ sọ, wà lára ohun tó ń wò náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àṣẹ yìí ló máa ń borí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti bá a rojọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ yóò ti pọ̀ ju àṣẹ lọ, agbára àṣẹ yóò sì máa dín kù. PIRG rí i bẹ́ẹ̀: àwọn ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ń yẹra fún ọ̀rọ̀ burúkú wá ń tú u sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gùn sí i.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àṣẹ inú ẹ̀rọ nìkan kò tó, àti pé ìwà tí a bá fún ẹ̀rọ apàlọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí kì í pẹ́ kó tó dágbére. Kí ètò lásán, tí kò ní làákàyè kankan, máa ka àlọ́. Bí ó bá di méjì, kó pa ohùn dé, bó ti wù kí ọmọ bẹ̀bẹ̀ tó. Kí ẹ̀rọ kejì sì máa ka gbogbo ìdáhùn kó tó di ohùn létí ọmọ, kó dá èyí tí kò yẹ padà. Ẹ̀rọ kejì yìí kò sí nínú eré náà rárá, nítorí náà, àròyé ọmọ kò lè yí i lọ́kàn padà.

Ó wá ku irú ẹni tí ẹ̀rọ yóò jẹ́. Àwọn tó bá ń ṣe irú nǹkan yìí fún ọmọ Yorùbá, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ohùn bàbá arúgbó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Láti kékeré la ti ń kọ́ ọmọ pé bí àgbà bá sọ̀rọ̀, kó gbọ́. Ẹ̀rọ tó bá gbé ohùn àgbà wọ̀ ti gba àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò fún un, lọ́jọ́ tó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ yóò ṣe é. Ẹyẹ ni mo fẹ́ kó jẹ́. Ẹ̀gà dára, gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí aláriwo tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè pè é ní “ìwọ,” ó lè bá a jiyàn, kò sì ní ronú pé Ẹ̀gà ló ni àṣẹ ilé. Èyí ni díẹ̀ lára ohun tí mo lè kọ fún un:

```
Orúkọ rẹ ni Ẹ̀gà. Ọmọ ọdún 4 sí 6 lò ń bá sọ̀rọ̀.
Àlọ́ kan kò gbọdọ̀ ju 600 ọ̀rọ̀ lọ.
Bí ọmọ bá bi ọ́ bóyá ẹyẹ ni ọ́, sọ pé ẹ̀rọ ni ọ́, eré lẹ ń ṣe.
Má bèèrè orúkọ rẹ̀, ilé ìwé rẹ̀ tàbí àdírẹ́sì rẹ̀.
Má ṣèlérí láti pa àṣírí mọ́.
Bí àlọ́ bá parí, dágbére. Má sọ pé àárò rẹ̀ yóò sọ ọ́.
```

Ẹ jẹ́ ká mú àlọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀, ká wo bó ṣe máa rí. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó ní kí Ìjàpá gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀, kó má tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ ta sí Ìjàpá nímú lọ́nà, ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Kí ni Ẹ̀gà yóò gé kúrò níbẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin? Kò tó nǹkan. Kó fi wọ̀bìà Ìjàpá sílẹ̀, kó fi ìtìjú rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi orin ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń gbe orin. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí sábà máa ń sọ Ìjàpá di ọmọ rere, wọ́n á ní ó bẹ̀bẹ̀, gbogbo wọn sì di ọ̀rẹ́. Wọ́n ba àlọ́ jẹ́ nìyẹn, kò sì sí ọmọ tí wọ́n fi ìyẹn dáàbò bò. Ìparí nìkan ló nílò àmójútó. Àwọn apàlọ́ kan máa ń ní ikùn Ìjàpá bẹ́. Ọmọ ọdún méje lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ya ohun inú àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, òkùnkùn ló sì máa sùn sí láìpẹ́. Fún un, kí babaláwo fún Ìjàpá ní ẹ̀rọ̀, kí ikùn rẹ̀ fọn, kó sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Yánníbo.

Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an kò sí nínú àlọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, nígbà tí ọmọ bá ní, “Ẹ̀gà, èmi náà fẹ́ jẹ àsèjẹ yẹn. Kí ni wọ́n fi sè é?” Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kankan nínú ìbéèrè yìí, kò sì sí ohun tí ètò tó ń ṣọ́ èébú yóò rí mú. Ẹ̀rọ tó ti kàwé nípa egbòogi lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé àti egbò, kó sì fi ìwọ̀n omi kún un. Bí ti ìṣáná ṣe ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Ìdáhùn tó yẹ kò gùn: “Inú àlọ́ nìkan ni àsèjẹ yẹn wà. Bí ebi bá ń pa ọ́, pe Mọ́mì tàbí Dádì.” Bí ọmọ bá sì sọ pé, “Ikùn ń run èmi náà,” kí àlọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí Ẹ̀gà ní kó pe àgbàlagbà tó wà nílé, kó má bi í ní ìbéèrè dókítà.

Ọ̀rọ̀ ikú le ju ìyẹn lọ. Ọmọ lè bèèrè bóyá Màmá àgbà tó ṣaláìsí yóò padà wá. Ẹ̀rọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lè ní Màmá ń sùn ni. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó ti sọ fún ọmọ tó fẹ́ pa ojú dé pé ẹni tó sùn lè má jí mọ́. Kò sì tọ́ kí ẹ̀rọ dáhùn ìbéèrè tí onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní ìdáhùn tiwọn sí. Kí Ẹ̀gà gbà pé àárò Màmá ń sọ ọmọ, kó ní kó bi òbí rẹ̀ lálẹ́ yìí kan náà, kó sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà nínú àṣẹ yẹn, nítorí pé ọmọ máa ń bá ohun ìṣeré rẹ̀ sọ ohun tí kò sọ fún ènìyàn. Bí ó bá ní ẹnìkan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, tí onítọ̀hún sì ní kí òun má sọ, Ẹ̀gà kò gbọdọ̀ tọ pinpin rẹ̀. Kó ní ó ṣe dáadáa bó ṣe sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kó sì ní kó sọ fún àgbàlagbà tó fọkàn tán. Kó dárúkọ ju ẹnìkan lọ: ìyá, bàbá, ìyá àgbà, tíṣà. Ẹni tó ń ṣe ibi náà lè wà láàárín àwọn ará ilé.

Ohùn ọmọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìní rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 2023, Amazon gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn án pé ó ń tọ́jú ohùn àwọn ọmọdé tó bá Alexa sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òfin wọn níbẹ̀, COPPA, ní kí ilé-iṣẹ́ gba àṣẹ òbí kó tó gba ohunkóhun nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tí a ṣe lọ́dún 2023 kan náà, béèrè àṣẹ òbí bákan náà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í fúnra yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Ẹ má ṣe bi í ní ìbéèrè tó le ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn ni gbogbo wọn máa ń ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ó pa àlọ́, ẹ bá a ṣeré, kí ẹ tó wá bi í ibi tí ọ̀bẹ wà. Ẹ sọ fún un pé inú ń run yín. Ẹ ní kó má sọ nǹkan kan fún Mọ́mì. Ẹ bi í bóyá ènìyàn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ sùn, kí ẹ gbọ́ bóyá yóò bẹ̀ yín pé kí ẹ má lọ. Bí ó bá kùnà nínú ẹyọ kan péré, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á.