Sísanra Kò Ní Kí Àìjẹunrekánú Má Mú Ni

Bí a bá gbọ́ àìjẹunrekánú, ọmọ kékeré tí apá rẹ̀ rí tín-ín-rín ló máa ń wá sọ́kàn wa. Ta ni yóò rò ó mọ́ ìyá ẹni ọdún 64 tó wọn kílò 81? Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti oṣù 5 sẹ́yìn, ògì nìkan ló ń rọ́nà wọlé, kò sì ń mu ún tó. Àwọn ará ilé ń yìn ín: "Màmá, ẹ ti fúyẹ́, ó mà dáa o!" Àmọ́ káàdì tí ó fi ń lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fi hàn pé kílò 92 ló wọ̀n nígbà náà. Kílò 11 ti lọ. Bí a bá pín 11 sí 92, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 12 nínú 100.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní GLIM, ní kí a wá àmì kan ní ara àti okùnfà kan, ó kéré tán, kí a tó sọ pé àìjẹunrekánú ni. Àmì ara lè jẹ́ kí ènìyàn fọn ju ìdá 5 nínú 100 lọ láàárín oṣù 6, kí ó tín-ín-rín jù fún gíga rẹ̀, tàbí kí iṣan rẹ̀ ti joro. Okùnfà lè jẹ́ àìsàn tó ń jẹ ara, tàbí kí oúnjẹ tí ó ń jẹ ti dín kù fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ.

Wàyí o, mítà 1.6 ni màmá yìí ga. Bí a bá fi 1.6 pín 81 lẹ́ẹ̀mejì, 31.6 ni a ó rí. Ẹni tí kò tíì pé 70 ọdún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 20 kí a tó pè é ní ẹni tó tín-ín-rín jù. Ẹni tó bá wo èyí nìkan yóò ní kí màmá máa lọ sílé! Ṣùgbọ́n kílò tó lọ jẹ́ àmì, oúnjẹ tó dín kù sì jẹ́ okùnfà. Ó ti pé. Bí ó sì ti ju ìdá 10 lọ láàárín oṣù 6, èyí tó le ni.

Omi ló máa ń tan òṣìṣẹ́ ìlera jẹ jù. Bí ẹsẹ̀ bá wú, fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; bí ojú ibẹ̀ bá jin tí kò tètè padà, ìwọ̀n ń ka omi mọ́ ẹran ara. Téèpù tí a fi wọn ẹ̀yìn ojúgun náà yóò parọ́. Èjìká àti ẹ̀bátí ni kí a wò bóyá ó ti jìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó lo oògùn tó ń fa omi kúrò lára lè pàdánù kílò mélòó kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó má jẹ́ pé iṣan ló lọ.

Ká ní màmá kò ní káàdì ńkọ́? A ó bi í léèrè bóyá bùbá rẹ̀ ti tú, bóyá òrùka ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àfojúdá lásán ni, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé.