Ohun tí Òbí Lè Sọ ní Àpéjọ Àárọ̀

Òbí tó bá dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ràn dáadáa, kó má fi àánú bẹ̀rẹ̀. Àánú kì í kọ́ ọmọdé ní ohun tó yẹ kó ṣe.

Kó wí báyìí: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀ ń gbé gbogbo ariwo sókè, àti ti àga tí ẹ ń wọ́ nílẹ̀, àti ti ẹnu yín. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Igbe máa ń yí ètè padà, ètè yín ló sì ń wò. Ẹ fọwọ́ kàn án léjìká, ẹ kọjú sí i, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Orí pápá ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á fun fèrè, ọmọ náà á ṣì máa sáré lọ, wọ́n á ní olóríkunkun ni. Kí rẹfirí máa na aṣọ ìnujú sókè bó bá ti ń fun fèrè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ tó kàn ń rẹ́rìn-ín tó ń mi orí lè má gbọ́ ohunkóhun. Ojú ló ń tì í láti ní kí wọ́n tún un sọ. Ẹ bi í ní ohun tó gbọ́. Ẹ má sọ pé, "Fi í sílẹ̀, kò ṣe pàtàkì." Ẹ tún un sọ fún un.